Àtẹ̀jíṣẹ́ Owó Kọ́ṣọ̀n: Bí Onílé Ṣe Ń Tún Un Kọ Kó Tó Fi Ránṣẹ́

Orí yìí wà fún ẹ̀yin onílé ní ìlú Bìní tí ayálégbé yín ti kó jáde, tí owó kọ́ṣọ̀n rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ yín, tí ẹ sì ti tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ kan sórí fóònù nípa iye tí ẹ fẹ́ yọ. Ẹ má tíì fi í ránṣẹ́. Ó ṣeé ṣe kí owó tí ẹ fẹ́ yọ tọ́ sí yín, kí ọ̀nà tí ẹ gbà sọ ọ́ sì sọ ọ́ di ìjà. Ó sì ṣeé ṣe kí apá kan nínú owó náà má tọ́ sí yín rárá, kí ìbínú má sì jẹ́ kí ẹ rí i. Ohun méjèèjì la máa tún ṣe níbí: ìṣirò ni yóò ṣáájú, ọ̀rọ̀ yóò tẹ̀ lé e.

Ohun tí ẹ máa nílò

Ẹ kó àwọn nǹkan wọ̀nyí jọ síwájú yín kí ẹ tó tún ọ̀rọ̀ kankan kọ:

- Ìwé àdéhùn tí ẹ̀yin àti ayálégbé jọ fọwọ́ sí, pàápàá ibi tó ti dárúkọ owó kọ́ṣọ̀n, ohun tí a lè yọ nínú rẹ̀ àti ọjọ́ tí a máa dá ìyókù padà.
- Àwòrán ilé nígbà tí ayálégbé wọlé, àti àwòrán rẹ̀ lọ́jọ́ tó kó jáde.
- Rìsíìtì ohun tí ẹ ti rà, àti iye tí akunlé, púlọ́ńbà tàbí káfíńtà kọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ tí wọn kò tíì ṣe.
- Bíìlì iná tó kẹ́yìn, bí ilé náà kò bá ní mítà tí a ń ra káàdì sí.
- Bébà, bírò àti ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù.

Bí ẹ kò bá ní àwòrán ìgbà tí ayálégbé wọlé, ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ fẹ́ sọ kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró. Ayálégbé lè sọ pé bí òun ṣe bá a nìyẹn, ẹ kò sì ní ohun tí ẹ máa fi hàn án. Lórí irú ohun bẹ́ẹ̀, èyí tí òun fúnra rẹ̀ gbà pé òun bà jẹ́ nìkan ni kí ẹ yọ owó lé lórí.

Ẹ tún wádìí ọwọ́ ẹni tí owó náà wà gan-an. Ọ̀pọ̀ ilé ló wà ní Ugbowo, Uselu àti Ekosodin tó jẹ́ pé éjẹ́ńtì ló gba owó kọ́ṣọ̀n lọ́wọ́ ayálégbé, tí onílé sì rò pé ó ti wọ inú owó tí wọ́n kó fún òun. Bí owó bá wà lọ́wọ́ éjẹ́ńtì, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ bá parí ọ̀rọ̀. Ẹ má ṣèlérí fún ayálégbé pé ẹ máa dá owó tí kò sí lọ́wọ́ yín padà.

Ìwé tí a fẹ́ tún ṣe

Àpẹẹrẹ kan la máa lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Fúláàtì oníyàrá méjì kan wà ní ẹ̀gbẹ́ Ugbowo. Ìyá kan tó bí ìbejì gbé inú rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, ó sì kó jáde ní ogúnjọ́ oṣù Kẹfà. Owó kọ́ṣọ̀n tó fi sílẹ̀ jẹ́ 150,000 náírà. Ohun tí bàbá onílé kọ́kọ́ tẹ̀ sórí fóònù rẹ̀ nìyí:

"Ìyá Ìbejì, ohun tí ẹ fi ilé mi ṣe kò dáa. Ilé dọ̀tí bí ilé ẹlẹ́dẹ̀. Mo máa tún gbogbo ilé kùn, 90,000. Básíìnì tí ẹ fọ́, 32,000. Kọ́kọ́rọ́, 8,500. Nẹ́ẹ̀tì fèrèsé, 12,000. Bíìlì iná, 18,600. Pàǹtí, 7,000. Wàhálà tí ẹ kó bá mi, 15,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 183,100. Ẹ jẹ mí ní 33,100. Tí ẹ kò bá san án, ẹ máa rí mi pẹ̀lú ọlọ́pàá."

Bàbá yìí kò purọ́. Básíìnì fọ́ lóòótọ́, kọ́kọ́rọ́ sọnù, pàǹtí sì wà nílẹ̀. Àmọ́ bó bá fi í ránṣẹ́ báyìí, ọ̀rọ̀ ilé ẹlẹ́dẹ̀ ni Ìyá Ìbejì máa fèsì sí, kò ní dé ibi tí básíìnì wà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ya ohun tí ọjọ́ gbó kúrò lára ohun tí ènìyàn bà jẹ́

Ẹ mú ohun tí ẹ kọ, ẹ tò ó sórí bébà ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan pé: bí ó bá jẹ́ ayálégbé tó mọ́ tónítóní jù lọ ló gbé ibí fún ọdún mẹ́ta, ṣé bí èyí ṣe máa rí náà nìyí? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fa ìlà náà pa. Owó ilé tí ẹ ti ń gbà lọ́dọọdún wà fún irú gbígbó bẹ́ẹ̀.

Ní Bìní, ògiri ló máa ń fa àríyànjiyàn jù níbí. Ilẹ̀ wa pupa, òjò sì ń rọ̀ púpọ̀. Bí òjò bá ti ń ta ilẹ̀ pupa sí ara ògiri ìta fún sáà mẹ́ta, ìsàlẹ̀ ògiri máa pọ́n dé ìwọ̀n orúnkún, kò sí ayálégbé tó lè dá a dúró. Nínú ilé, bí ọ̀dà bá ń wú láti ìsàlẹ̀, tó ń ṣí bí èèpá, tí ohun funfun bí ìyẹ̀fun sì wà lábẹ́ rẹ̀, omi inú ilẹ̀ ló ń gun ògiri wá. Ìpìlẹ̀ ilé ló ní èyí, onílé ló sì ni ìpìlẹ̀. Bákan náà, bí ọ̀rinrin bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, tó yí sílíǹgì po, páànù ló ń jò. Ẹ wo ibi tí àbàwọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó di ẹrù rẹ̀ ru ẹnikẹ́ni.

Ohun tí ayálégbé ní yàtọ̀ síyẹn: ọ̀dà mìíràn tó kùn láìgba àṣẹ, ihò ìṣó ńláńlá tí wọ́n fi gbé tẹlifíṣọ̀n kọ́, èéfín dúdú tí sítóòfù kẹrosíìnì fi sí ògiri yàrá tí kì í ṣe ilé ìdáná, ojú ibi tí ọmọ fi bírò kọ nǹkan sí láti ìgbà tó wà ní kékeré.

Ní ilé tí à ń wí yìí, pálọ̀ àti yàrá ìyá ti ṣá lásán. Ọjọ́ ló gbó wọn. Yàrá àwọn ọmọ nìkan ni Ìyá Ìbejì kùn ní àwọ̀ pupa láìsọ fún onílé. Nẹ́ẹ̀tì fèrèsé ti gbó, ó ń já fúnra rẹ̀ bí a bá fọwọ́ kàn án, oòrùn ló sì jẹ ẹ́. Nítorí náà, nẹ́ẹ̀tì jáde kúrò nínú ìwé, ọ̀dà pálọ̀ jáde, ti yàrá ìyá jáde. Owó wàhálà náà jáde. Kò sí rìsíìtì wàhálà, kò sì sí àdéhùn tó dárúkọ rẹ̀. Bó bá wà níbẹ̀, yóò ba gbogbo ìlà yòókù jẹ́, torí ẹni tó bá rí i máa rò pé irú ìṣirò kan náà lẹ fi ṣe èyí tó kù.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ṣírò iye tó kù nínú ọjọ́ ayé ohun náà

Ibí ni ọ̀pọ̀ onílé kì í dé. Bí ayálégbé bá fọ́ ohun tó ti lo ìdajì ọjọ́ ayé rẹ̀, ìdajì ló fọ́ fún yín. Bí ẹ bá gba owó ohun tuntun lódidi lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló sọ ohun àlòkù yín di tuntun, ìyẹn kì í sì í ṣe iṣẹ́ owó kọ́ṣọ̀n.

Ẹ wo básíìnì. Bàbá yìí rà á ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ó sì gbà pé bí kò bá sí ìjàǹbá, ó yẹ kó lo ọdún mẹ́wàá. Tuntun àti owó púlọ́ńbà jẹ́ 32,000. Ọdún márùn-ún ló kù nínú mẹ́wàá, ìyẹn ìdajì, nítorí náà 16,000 ni kó yọ. Èrò mi ni pé kí owó iṣẹ́ púlọ́ńbà wà nínú ohun tí a pín, torí ọjọ́ kan ń bọ̀ tí onílé ì bá pe púlọ́ńbà náà fún ara rẹ̀.

Yàrá àwọn ọmọ ńkọ́? Akunlé kọ 24,000 fún yàrá yẹn nìkan, àti ọ̀dà àti iṣẹ́. Ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni bàbá yìí máa ń tún inú ilé rẹ̀ kùn, ó sì ti kùn ún kẹ́yìn nígbà tí Ìyá Ìbejì fẹ́ wọlé. Ọdún mẹ́ta ti lọ, ọdún kan ló kù, ìdá kan nínú mẹ́rin. 6,000 nìyẹn. Ó kéré sí 90,000 púpọ̀, mo mọ̀, àmọ́ òun ni iye tí ó lè fi ẹnu rẹ̀ ṣàlàyé níwájú ẹnikẹ́ni láìwò sùn-ùn.

Ẹ má ṣe pilẹ̀ iye ọdún kan torí kí owó lè pọ̀. Bí ẹ bá sọ pé ọdún mẹ́rin mẹ́rin lẹ ń kunlé, tí ayálégbé àtijọ́ sì mọ̀ pé ọdún mẹ́wàá ni ẹ fi í sílẹ̀, ọ̀rọ̀ yín ti bàjẹ́. Bí ẹ kò bá mọ ọjọ́ tí ẹ ra nǹkan, ẹ bi púlọ́ńbà tàbí káfíńtà pé báwo lòun ṣe rí i sí, kí ẹ sì gbà fún ayálégbé níbi tó bá ṣiyèméjì.

Àwọn nǹkan kan wà tí a kì í pín. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí kò dá padà kò ní ohun tó kan ọjọ́ orí: ẹ ní láti pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹni tó ń bọ̀ lè sùn dáadáa, 8,500 náà dúró lódidi. Owó tí ẹ san fún ẹni tó kó bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ àti àpò pàǹtí mẹ́ta jáde jẹ́ 7,000, ìyẹn náà dúró.

Ìgbésẹ̀ kẹta: iná, omi àti gbèsè mìíràn

Gbèsè kì í ṣe ìbàjẹ́, ìlà tirẹ̀ ló yẹ kó wà. Bí fúláàtì bá ní mítà káàdì, kò sábà sí ohun tí ẹ máa yọ, torí ayálégbé ti sanwó kí iná tó tàn. Bí ó bá jẹ́ bíìlì oṣooṣù ni BEDC ń mú wá, ẹ ka ọjọ́. Bíìlì oṣù Kẹfà jẹ́ 18,600, oṣù náà sì jẹ́ ọgbọ̀n ọjọ́, ìyẹn 620 lọ́jọ́ kan. Ogúnjọ́ ni Ìyá Ìbejì kó jáde, 12,400 sì ni tirẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá tó kù jẹ́ ti onílé. Bí ó bá jẹ́ pé bíìlì kan ni gbogbo fúláàtì inú ọgbà jọ ń pín, bí ẹ ṣe ń pín in tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ pín in báyìí. Ẹ má yí ìpín padà nítorí pé ẹnì kan ti lọ.

Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: 6,000, 16,000, 8,500, 7,000 àti 12,400. Ó jẹ́ 49,900. Ẹ yọ ọ́ nínú 150,000, ó ku 100,100. Bàbá tó rò pé wọ́n jẹ òun ní 33,100 ló jẹ ayálégbé ní 100,100. Ẹ ṣe ìròpọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹlòmíràn sì ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Bí àpapọ̀ kò bá bá àwọn ìlà mu, kódà kó jẹ́ igba náírà, ayálégbé kò ní gba èyíkéyìí gbọ́ mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wá kọ ọ́

Ìkíni ló ń ṣáájú, kó má gùn. Lẹ́yìn ìkíni, iye tí ẹ máa dá padà ni kó tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí ohun tí ó ń wá nìyẹn. Bí ẹ bá fi ìbàjẹ́ ṣáájú, àyà rẹ̀ á ti já kó tó dé ìsàlẹ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ sọ ohun náà, ohun tó ṣe é, iye rẹ̀, àti bí ẹ ṣe dé iye náà. Ẹ sọ èyí tí ẹ ti san àti èyí tí wọ́n ṣì kọ iye rẹ̀ fún yín lásán. Ẹ tún dárúkọ ohun tí ẹ kò gbowó lé lórí, kí ó lè rí i pé ẹ wò ó, ẹ sì fi sílẹ̀.

Ní ti èdè, ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí nǹkan, ẹ má sọ irú ènìyàn tí ayálégbé jẹ́. "Básíìnì ní ojú sísán láti etí dé ihò omi" ṣeé fi àwòrán hàn. "Ẹ kò mọ ilé tọ́jú" kò ṣeé fi hàn. Bí ọjọ́ orí yín bá tilẹ̀ ju tirẹ̀ lọ, ẹ lo "ẹ", ẹ má lo "o". Ìwé owó ni èyí, ẹlòmíràn lè kà á lọ́la. Bí ó bá sì jẹ́ ọmọ Ẹdó tàbí ẹlòmíràn tí kò ka Yorùbá, èdè tó yé e ni kí ẹ kọ ọ́ sí.

Ohun tí bàbá onílé tún kọ nìyí:

"Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Ìbejì. Ẹ kú ilé tuntun, àwọn ọmọ ńkọ́?

Owó kọ́ṣọ̀n yín tó wà lọ́wọ́ mi jẹ́ 150,000 náírà. Mo máa dá 100,100 padà fún yín. Mo yọ 49,900, báyìí ni mo sì ṣe yọ ọ́:

1. Yàrá àwọn ọmọ tí a kùn ní pupa: akunlé kọ 24,000. Ọdún kan ló kù nínú mẹ́rin kí n tó tún un kùn, mo yọ ìdá kan nínú mẹ́rin: 6,000.
2. Básíìnì tó sán: tuntun àti púlọ́ńbà jẹ́ 32,000, mo ti san án. Ó ti lo ọdún márùn-ún nínú mẹ́wàá, mo yọ ìdajì: 16,000.
3. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí a kò rí gbà, mo ti pààrọ̀ rẹ̀: 8,500.
4. Kíkó bẹ́ẹ̀dì àti àpò pàǹtí mẹ́ta, mo ti san án: 7,000.
5. Iná, ogún ọjọ́ nínú oṣù Kẹfà, 620 lọ́jọ́ kan: 12,400.

Mi ò yọ owó lórí ọ̀dà pálọ̀, ọ̀dà yàrá yín àti nẹ́ẹ̀tì fèrèsé. Ọjọ́ ló gbó wọn.

Àwòrán, rìsíìtì àti bíìlì ń bọ̀ lẹ́yìn èyí. Bí ohun kan bá wà tí kò rí bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sọ fún mi kó tó di ọjọ́ Ẹtì, ká jọ wò ó. Bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fi nọ́ńbà akáǹtì yín ránṣẹ́. Ẹ bá mi kí àwọn ìbejì."

Kò sí "ẹ máa rí mi" nínú rẹ̀, kò sì sí ẹ̀bẹ̀. Bó bá ka ìlà kẹta, tó rántí pé kọ́kọ́rọ́ náà wà nínú báàgì òun, ó lè mú un wá. Àmọ́ ẹ ti pààrọ̀ rẹ̀ báyìí. Ìdí nìyí tó fi dára kí ẹ béèrè kọ́kọ́rọ́ kí ẹ tó na owó lé e.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Àkọ́kọ́ ni kí a fi ohùn ránṣẹ́ dípò ìwé. Ìṣirò kò ṣeé gbọ́ lẹ́tí, ohùn ìbínú sì máa ń jáde níbi tí ẹ kò mọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Èkejì ni iye tí kò ní àlàyé: 50,000 gérégé fún "àtúnṣe". Ayálégbé máa ń mọ̀ pé ẹ fojú díwọ̀n rẹ̀ ni. Àwọn kan tún máa ń pẹ́ títí kí wọ́n tó fèsì, wọ́n á ní ẹni tuntun kò tíì wọlé. Ọjọ́ tí àdéhùn yín dárúkọ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bí kò bá dárúkọ ọjọ́, ọ̀sẹ̀ méjì tó láti pe púlọ́ńbà, gba iye, kí ẹ sì kọ̀wé.

Nípa òfin: ní Bìní, ohun tí ẹ fọwọ́ sí nínú àdéhùn ni ẹ máa kọ́kọ́ wò. Ìpínlẹ̀ Èkó ní tirẹ̀ sọ nínú òfin ilé yíyá ti ọdún 2011 pé onílé tó bá gba owó kọ́ṣọ̀n gbọ́dọ̀ kọ rìsíìtì tirẹ̀ lọ́tọ̀, àti pé ayálégbé lẹ́tọ̀ọ́ sí ìṣirò tí a kọ sílẹ̀, ó kéré tán ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, nípa bí a ṣe ná an. Òfin Èkó kò dé Ìpínlẹ̀ Ẹdó, àmọ́ ẹ kò ní ṣìnà bí ẹ bá fi ṣe òdiwọ̀n.

Ìkìlọ̀

Ẹ má fi ọlọ́pàá halẹ̀. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ ọ́ pé a kò gbọ́dọ̀ mú ènìyàn torí ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn tàbí àdéhùn tó yẹ̀ lásán. Ẹni tí ẹ bá sì halẹ̀ mọ́ lórí fóònù ti ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ẹ má di ẹrù rẹ̀ tó ṣẹ́kù mú títí tó fi máa gbà. Ẹ ya àwòrán rẹ̀, ẹ dá ọjọ́ tó máa wá kó o. Ẹ má sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ojú gbogbo ará ilé lórí Wọ́sáàpù. Òun nìkan ló kàn.

Bí nọ́ńbà akáǹtì bá dé, ẹ pè é, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, kó ka nọ́ńbà náà fún yín. Àwọn ọlọ́ṣà máa ń gba Wọ́sáàpù ènìyàn, wọ́n á sì fi akáǹtì tiwọn rọ́pò. Bí orúkọ tó yọ lójú fóònù kò bá bá orúkọ inú àdéhùn mu, ẹ dúró.

Bí ó bá ní òun kò gbà lórí ìlà kan, ẹ má tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ẹ dáhùn ìlà yẹn nìkan, ẹ fi àwòrán rẹ̀ hàn án, kí ẹ sì fi owó tí ẹ̀yin méjèèjì ti gbà sí ránṣẹ́ ná. Bí Ìyá Ìbejì bá sọ pé básíìnì ti sán kí òun tó wọlé, 100,100 rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró de ìjíròrò 16,000. Bí ẹ kò bá ní àwòrán básíìnì ìgbà tó wọlé, ẹ fi 16,000 náà kún un, kí ẹ sì ya àwòrán gbogbo ilé kí ayálégbé tó ń bọ̀ tó gba kọ́kọ́rọ́.